Fáìlì Tí Sakinah Fún Pọ̀

Sakinah ló tẹ ìwé wáàsí Alfa Abdulsobur sórí kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tanke. Fáìlì PDF tó fi ìwé náà ṣe tóbi ju ohun tí ímeèlì lè gbé lọ. Ó bá yan irú PDF tó kéré jù, tó ń dín àwòrán kù, tó wà fún kíkà lórí fóònù, ó sì yọ fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tó fi tẹ ìwé náà, kúrò nínú rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìwé náà dára. Ó fi í ránṣẹ́ sí Jummai tó ni ilé ìtẹ̀wé ní Gàmbàrí.

Nígbà tí Alfa àti Sakinah dé ilé ìtẹ̀wé, tí Alfa ṣí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ àmì orí ọ̀rọ̀ ti di àpótí kéékèèké, àwòrán ìyá rẹ̀ olóògbé sì rí bàìbàì.

"Ẹ̀rọ wọn ló bà á jẹ́," Sakinah yára sọ.

Jummai ṣí fáìlì náà níwájú wọn. "Alfa, ẹ wò ó, kò sí fọ́ǹtì nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, òmíràn ọ̀hún ò sì ní àwọn àmì yẹn. Sakinah, mo pè ẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo ní ṣé ti ìtẹ̀wé nìyí, o ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ojú ti Sakinah débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi, Alfa. Mo tún parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n Jummai."

Alfa ò wò ó. Àwòrán ìyá rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sakinah ṣe PDF mìíràn fún ìtẹ̀wé. Ó fi gbogbo fọ́ǹtì sínú rẹ̀, kò sì dín àwòrán kù. Ó gbé e sórí fláàṣì, ó sì mú un lọ fún Jummai fúnra rẹ̀, láìlè gbójú sókè.