Iṣẹ́, Ìwé, Ayé

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì. Àsìkò ń bẹ lọ́wọ́ mi dáadáa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, láti Èkìtì títí dé Agége, ọdún mọ́kànlá sì rèé tí mo ti ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún ètò kan lórí rédíò n'Ìkẹjà. "Ọ̀rọ̀ Kan Péré" ni wọ́n ń pe ètò náà. Fọláhàn Ògúnlànà lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Tíṣà ni àwọn olùgbọ́ mọ̀ mí sí.

Eré náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó fún ọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìwọ ó wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó lè so pọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yálà níwájú tàbí lẹ́yìn. Bí mo bá ní "irin, ọjọ́, ogun", ojú ni ìdáhùn: ojú irin tí rélùwéè ń gbà kọjá l'Agége, ojú ọjọ́ tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ lóṣù keje, àti ojú ogun tí ìyá kì í fẹ́ kí ọmọ òun lọ. Òfin kan wà tí mi ò fi ṣeré: ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá para pọ̀ dà gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pe nǹkan lóòótọ́. Kí ó kàn ṣeé sọ lẹ́nu kò tó.

Òfin kejì, èmi ni mo ṣe é fún ara mi. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì dà bí ilẹ̀ tí wọ́n tà fún èèyàn méjì, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n máa fọ́nnu lórí afẹ́fẹ́ pé, "Ẹni tó bá rí ìdáhùn kejì tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, kó wá gba àga mi."

Àga ọ̀hún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Tìmùtìmù rẹ̀ ti ya, ọ̀kan nínú àwọn táyà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìjọba ti fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí mo bá ń lọ jókòó sínú rẹ̀ nìkan ni mo máa ń kun bàtà. Mo fẹ́ràn àga náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń gbà mí lọ́wọ́ ìdáhùn kejì ni pé mo máa ń ka ìbéèrè fún ẹni mẹ́ta kí n tó gbé e jáde nílé. Ìyàwó mi, Oyèníkẹ́, ni ẹni àkọ́kọ́. Fọkanáísà tó wà ní ìkóríta wa ni ìkejì, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ilé rédíò ni ìkẹta. Kì í ṣe àṣejù. Inú ìdáhùn ni èmi ti ń bẹ̀rẹ̀: mo máa kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan, kí n tó wá àwọn tí yóò bá a rìn. Bí ìdáhùn bá sì ti wà lórí ẹni, ojú ẹni kì í rí òmíràn mọ́. Àfi kí ẹlòmíràn bá ni wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje ọdún kan ni Oyèníkẹ́ mú mi bínú. Ó ń ṣa ẹ̀wà, mo ń ka ìbéèrè fún un, mi ò tíì pe ọ̀rọ̀ kẹta parí tó fi dá mi lóhùn. Ó gbà á. Èyí kò dùn mí. Ẹ̀rín tó rín ló dùn mí, àti bó ṣe pe Ayọ̀tọ́lá ọmọ wa lórí fóònù pé, "Bàbá yín ti ń rọ̀ o, ìbéèrè wọn ò lágbára mọ́."

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, nígbà tó bi mí pé, "Bàbá Ayọ̀tọ́lá, ẹ ò ní ka tòní fún mi ni?" mo ń so okùn bàtà mi lọ.

"Tòní ò kàn ọ́," ni mo wí.

"Ó dáa. Ẹ máa rọra o."

Bí mi ò ṣe kà á fún un, mi ò kà á fún ẹnikẹ́ni. Mo kọjá lára fọkanáísà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìdíje ọdún yẹn, ti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan n'Ìkẹjà rán Quadri wá, ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ilé búrẹ́dì kan l'Agége rán Shukurat Àjíṣọlá, obìnrin kan tó ti ń po ìyẹ̀fun fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí apá rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Máàkì àwọn méjèèjì dọ́gba títí ó fi ku ìbéèrè kan. Adéìfẹ́, ọmọbìnrin tó ń darí ètò, ṣí páálí tí mo kọ ìbéèrè sí, tí ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìbéèrè tí yóò gbé ife lọ nìyí. Iṣẹ́. Ìwé. Ayé."

Shukurat ló kọ́kọ́ lu agogo. "Ọmọ."

Adéìfẹ́ wo ẹ̀yìn páálí. "Háà, rárá o. Bùrọ̀dá Quadri?"

"Ilé," ni Quadri wí. "Ilé iṣẹ́, ilé ìwé, ilé ayé."

"Ó gbà á!"

Àwọn ará bisikíìtì fò sókè. Èmi náà rẹ́rìn-ín nínú àga mi, nítorí ìbéèrè náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Shukurat kò kúrò nídìí máíkì.

"Ẹ dákun, Tíṣà, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní béékárì, kí là ń pè wọ́n?"

Kò dúró kí n dáhùn.

"Ọmọ iṣẹ́ là ń pè wọ́n. Mo ní méje. Àwọn tí a sì ń sá fún ẹnu wọn ńkọ́? Ọmọ ayé."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ètò náà ń lọ lórí afẹ́fẹ́ tààrà, kò sí pé a fẹ́ gé nǹkan kan kúrò. Mo lè kàn sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn páálí ni abẹ gé, Adéìfẹ́ yóò sì gbé ife fún Quadri. Mo gbìyànjú rẹ̀ pàápàá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú rẹ̀.

"Ti ìwé ló kù," ni mo wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ là ń pe àwọn tó ń kàwé."

"Tíṣà," ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, "gbogbo ọdún tí ẹ fi kọ́ni yẹn, ẹ ò pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ ìwé rí?"

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń dúró níwájú ìlà wọn, tí mo ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ dákẹ́!" Mo dìde. Àga náà dún lẹ́yìn mi.

"Ó gbà á," ni mo wí sínú máíkì. "Ìdáhùn méjèèjì ló tọ̀nà, òun ló sì kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Agége ló ni ife. Ẹ̀bi mi ni, mi ò dán ìbéèrè yìí wò lára ẹnì kankan. Ìyá, ẹ wá gba àga yín."

Quadri ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, Ọlọ́run á bù kún un. Fóònù ilé rédíò sì dún. Adéìfẹ́ gbé e sórí afẹ́fẹ́ kó tó bèèrè ẹni tó ń pè.

"Oyèníkẹ́ ni o, láti Agége. Mo kí Ìyá oníbúrẹ́dì kú oríire. Ẹ bá mi sọ fún Tíṣà pé ọmọ lèmi náà kọ́kọ́ rí. Ìṣẹ́jú méjì ni kíkà á fún mi ì bá gbà wọ́n láàárọ̀." Gbogbo sítúdíò bú sẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, nítorí kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, mo kun bàtà mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ni mo ń lọ. Shukurat jókòó sínú àga mi, ìyẹ̀fun ṣì wà lára ìborùn rẹ̀. Ó ka tirẹ̀ fún mi: "Ọ̀fun. Ojú. Ẹnu."

Mo ní èyí kò le. Ara èèyàn ni gbogbo rẹ̀. "Omi," ni mo wí. Omi ojú wà, omi ẹnu wà.

"Omi ọ̀fun ńkọ́, Tíṣà?"

Kò sí. "Inú," ni mo tún wí.

"Inú ẹnu, ibi tí nǹkan wà lẹ́ ń sọ yẹn. Òfin yín ni, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ."

Mo wá eyín, mo wá ahọ́n, mo wá imú. Bí mo ṣe ń wá a, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rìn káàkiri ara èèyàn bí dókítà tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Agogo dún, àsìkò pé. Mo gbé fìlà mi, mo kí gbogbo wọn, mo sì ní kí n máa lọ sílé. Ìbànújẹ́ mú mi díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi kan ti wà níta, nígbà tí Adéìfẹ́ pè mí. "Tíṣà, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń jáde."

Mo yí padà bí ẹni tí oyin ta. "Ọ̀nà! Ọ̀nà ọ̀fun! Ojú ọ̀nà! Ẹnu ọ̀nà!"

"Àsìkò ti lọ o," ni Shukurat wí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìbéèrè náà ò ní ìdáhùn kejì. Mo ti dán an wò lára ẹni mẹ́ta. Ọ̀gá mi ní béékárì, Quadri, àti Ìyá Ayọ̀tọ́lá."

"Ìyàwó mi?"

"Wọ́n wá ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n mọ̀ ọ́n kí n tó fún wọn ní ṣéńjì." Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórí tìmùtìmù. "Ẹ wá gba àga yín, Tíṣà, ẹ̀yìn ń dùn mí nínú rẹ̀, iṣẹ́ sì ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n páálí tí Ìyá ò bá tíì gbọ́, ẹ má gbé e wá síbí mọ́."

Mo ṣèlérí níwájú máíkì.

Nígbà tí mo délé, Oyèníkẹ́ ń gé búrẹ́dì Agége sórí àwo. Mi ò bọ́ bàtà. Mo mú ìwé tí mo ti kọ ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sí láti ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí àga ò tíì padà sọ́wọ́ mi, mo fa àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo jókòó.

"Oyè, jọ̀ọ́, bá mi gbọ́ mẹ́ta yìí."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì gbọ́ mi dópin lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu régí, kì í sì í ṣe èyí tí mo kọ sẹ́yìn ìwé. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín kí òun tó rín tirẹ̀. Mo ya ìwé náà sí méjì, mo sì nawọ́ gba búrẹ́dì.