Nọ́ńbà Bàbá Onífíríìjì

Iṣẹ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe fi ránṣẹ́ kò le rárá: "Ẹ jọ̀ọ́, à ń tún ìwé nọ́ńbà ẹgbẹ́ tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yìí lẹ ṣì ń lò, ẹ fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni." Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú ìwé àtijọ́, ó wá jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń retí èsì. Ọlọ́gbọ́n èèyàn! Ta ló máa gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni, tó máa wá fèsì pé rárá?

Àbúrò Bàbá Onífíríìjì ló fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá wó sí ọsibítù, òun ni Bàbá gbé fóònù fún, pé kó máa bá òun dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ara Bàbá yá, fóònù kò padà wálé. Àbúrò ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lódìkejì ìlú. Òun ló sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ìlà náà níjọ́sí, orúkọ tirẹ̀ ló fi gbà á, nítorí náà Bàbá kò rí ibi tó máa gbé ẹjọ́ lọ. Ìwé tuntun yẹn nìkan ló gbójú lé, torí inú rẹ̀ ni àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń ta ẹran ti ń wá ẹni tó máa bá wọn tún fíríìjì ṣe. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ nọ́ńbà tuntun tó rà fún akọ̀wé nípàdé.

Ìwé jáde. Nọ́ńbà àtijọ́ ló wà níwájú orúkọ Bàbá.

"Ẹ̀yin náà lẹ fèsì, Bàbá," ni akọ̀wé wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èsì yín ló wà lórí fóònù mi yìí. Tẹnu lásán, mi ò lè fi ṣiṣẹ́. Ó di ìgbà tá a bá tún tẹ òmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọ eegun. Kò sí ẹni tó pè é mọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníbúrẹ́dì kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì kí Bàbá tán tó fi tẹ nọ́ńbà inú ìwé náà, kó lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni. Ohùn fóònù rẹ̀ ròkè, Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Onífíríìjì ló ń sọ̀rọ̀," ni àbúrò dáhùn.

"Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù yín o, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ télọ̀."

"Háà, mo ti kúrò níbẹ̀, mà. Bàbá tẹ́ ẹ rí yẹn, ọmọọṣẹ́ mi àtijọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan fíríìjì yín."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Bàbá: àìsàn, fóònù, akọ̀wé. Ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

"Ẹ lọ bá a, mà. Ó mọ iṣẹ́," ló sọ. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Obìnrin náà wò ó tàánú-tàánú, bí ẹni ń wo arúgbó tó ń parọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí, ó sì yíjú padà sínú fóònù, ó ń béèrè ọ̀nà.