Ọjọ́ Tí Gilbert Kò Kà

Bọ̀dá Frederick yẹ àwọn òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù Gilbert wò lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì béèrè ta ni ó kọ́ Gilbert ní ìṣirò.

Gilbert rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Frederick, akáńtáǹtì tí ó ń gba àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Òde nímọ̀ràn lórí owó orí, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn rí láti kékeré. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1984. Gilbert kàn ní kí òun yà kí i kí òun tó padà sí London ní ọjọ́ kejì oṣù tí ń bọ̀ ni. Ẹnjiníà ni. Ilé iṣẹ́ kan ní London ni ó gbà á síṣẹ́, wọ́n sì ń rán an wá wo ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là lápá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti wọlé lọ́dún náà.

“Ọgọ́sàn-án ọjọ́ ni màá ti lò níbí tí mo bá lọ,” ni Gilbert wí. “Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta ni wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dé kí owó orí má baà kàn mí. Mo ṣì ní àyè.”

“Ọ̀nà wo lo gbà kà á?”

Gilbert ṣàlàyé. Ní London tí ó ti gbé fún ogún ọdún, ọjọ́ tí ènìyàn dé àti ọjọ́ tí ó lọ kì í wọ inú iye. Àwọn ọjọ́ tí ó wà láàrin méjèèjì nìkan ni wọ́n ń kà.

Frederick pa páásípọ́ọ̀tù náà dé. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, èyí gan-an ni ó sì kọ́kọ́ já Gilbert láyà. Ó ní òfin ilẹ̀ yìí yọ̀ǹda pé kí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ wà lókè òkun má san owó orí níbí, bí ìjọba ilẹ̀ ọ̀hún bá ń gba owó orí lórí owó oṣù rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì lo tó ọgọ́sàn-án ọjọ́ ó lé mẹ́ta níbí láàrin ọdún. Àmọ́ ní ọ́fíìsì Àlàájì Wàhábì, tí ó jẹ́ olórí àwọn agbowó orí ìlú, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kan ilẹ̀ yìí, ìbáà ṣe wákàtí kan, odindi ọjọ́ ni.

“Bí Màmá rẹ bá ní ọjà di ọ̀rúnní, ṣé kì í ka òní mọ́ ọn? Ṣé kì í ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀? Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, o wá jókòó sáàrin wa, o ń kà bí òyìnbó.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò jáde. Ọjọ́ mẹ́fà ni Gilbert ti fò. Bí ó bá dúró di ọjọ́ kejì oṣù tí ń bọ̀, iye náà yóò di ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́fà.

“Ìgbà wo ni mo gbọ́dọ̀ kúrò?”

“Ọ̀rúnní,” ni Frederick dáhùn. “Mọ́ńdè. Bí ilẹ̀ Túsìdeè bá mọ́ bá ọ níbí, ó parí.”

Nínú oṣù kìíní, Gilbert fúnra rẹ̀ ni ó jókòó níwájú Àlàájì Wàhábì tí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní dé iye náà, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì gbọ́ tí wọ́n fi fún un ní ìwé ẹ̀rí owó orí. Ìjọba ológun ni ó wà lórí àlééfà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn kì í gbọ́ pé wọ́n mú ẹnì kan lórí ọ̀rọ̀ owó òkè òkun. Àdéhùn tí ó ti wà láàrin ilẹ̀ yìí àti ilẹ̀ òyìnbó, kí wọ́n má baà gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹnì kan, ti tú ká láti bí ọdún mélòó kan, wọn kò sì tíì ṣe òmíràn. Ta ni yóò gbà pé ẹni tí ó ń wọn ọ̀nà jẹun kò mọ ọjọ́ kà?

Ohun tí ó burú jù ni Túsìdeè fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ tí ó wà nílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Frederick bá a tẹ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú láago, wọ́n sì yí ìrìn àjò rẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Gilbert kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó sọ fún Mojí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, pé ilé iṣẹ́ ni ó ń pe òun. Mojí wò ó títí, ó ní ó dáa, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, oorun dá. Bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Gilbert á lọ yọjú lójú fèrèsé. Ní Sátidé, ọkùnrin kan tí ó wọ kakí wọ inú ọgbà wá, Gilbert sì sáré ti páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Àṣé ẹni tí ó wá ka mítà iná ni. Nígbà tí ó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn, tí ó rò pé ó ti sùn, yóò máa ṣẹ́ ìka, yóò máa sọ ọ́ lábẹ́ ẹ̀mí pé, “Ó ku mẹ́ta. Ó ku méjì.”

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Adélékè awakọ̀ ti gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀. Wọ́n yà sílé ìwòsàn kí ó lè dágbére. Mojí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú.

“Bọ̀dá mi, kí ni dókítà sọ fún yín tí ẹ kò sọ fún mi?”

Gilbert ní kò sí nǹkan kan.

“Màmá ní àwọn kò ní jẹ́ kí wọ́n la àwọn. Wọ́n ní kí ni dókítà fẹ́ là lára ẹni tí yóò kú lónìí. Wọ́n ní ẹ ti ń ka ọjọ́ tó kù fún àwọn láti Ọjọ́bọ̀, pé etí àwọn ni ó bọ́ sí. Wọ́n ní ẹ kà á dé òní, ẹ sì ti di ẹrù kí ó má baà ṣojú yín.”

Gilbert wọlé. Màmá Susannah, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, dùbúlẹ̀ nínú aṣọ mímọ́. Ó ti ní kí Mojí wẹ òun, ó sì ti bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sórí tábìlì. Gilbert kò rí i kí ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀ rí láyé.

“Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìṣirò,” ni ó wí. “Mo mọ̀ tí ènìyàn bá ń kà á bọ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni, àbí lẹ́yìn ìgbà náà?”

Gilbert kúnlẹ̀ tì í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òǹtẹ̀ dé orí ìwé tí ó fọwọ́ sí. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ parí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì gún, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fẹ́ tan ìyá rẹ̀ tí ń kú lọ yóò ṣe àwáwí tí ó gún. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ owó orí ni ó ń kà lóòótọ́, kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Nígbà náà ni òun yóò gbà kí wọ́n la òun.

Lóde, Adélékè fun fèrè ọkọ̀. Dókítà ti sọ ọ́ fún wọn láìfi bò pé bí wọ́n bá sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú, òun kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Gilbert dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀, ìbẹ̀rù méjì sì ń fà á láti ìhà méjì. Adélékè tún fun fèrè. Gilbert lọ bá a, ó ní kí ó já àpótí náà sílẹ̀ kí ó máa lọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà yí kọ́nà, ó gbé àpótí náà padà wọlé.

Ilẹ̀ Túsìdeè mọ́. Ìyá rẹ̀ lajú, ó rí i lórí àga, ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó sì gbé òrùka rẹ̀ fún Mojí pé kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi jáde. Nígbà tí dókítà dé, ìyá rẹ̀ gbà kí wọ́n la òun.

Kí wọ́n tó gbé e wọlé, Gilbert sáré dé ọ́fíìsì owó orí. Bí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn ni ó ń wọlé. Kò jókòó nígbà tí Àlàájì Wàhábì ní kí ó jókòó. Ó sọ pé òun ti dé iye náà lónìí, pé òun ṣì í kà ni, pé òun kò sì fẹ́ kí wọ́n wá mú òun nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá òun.

Àlàájì wò ó látòkèdélẹ̀. “Ta ló fẹ́ mú ọ? Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tí ó gbé ara rẹ̀ wá rí. Jókòó kí o tó ṣubú lu tábìlì mi.”

Kò dẹ òfin náà fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ ti oṣù kìíní ti bàjẹ́, ìwé ẹ̀rí náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí Gilbert má sì ronú àtilọ títí wọn yóò fi ṣírò tirẹ̀ kí wọ́n sì fún un ní òmíràn. Ó lè gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe níbí nìkan ni wọn yóò gba owó orí lé, kì í ṣe ti London. Bí ó bá sì mú rìsíìtì wọn dé ọ̀hún, òfin tiwọn gbà kí wọ́n yọ ọ́ nínú tiwọn, àdéhùn ìbáà wà tàbí kó má sí.

“Bí o bá ti dákẹ́ ni,” ni Àlàájì wí, “ìyẹn là bá pè ní irọ́. Ìyá rẹ ńkọ́?”

Gilbert ní wọ́n ti fẹ́ gbé e wọlé. Oṣù kan tún ń bọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò retí, bóyá wọn yóò sì dúró dè é, kò mọ̀. Àlàájì fi ọwọ́ ṣe é pé kí ó máa lọ.

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lẹ́nu yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ Gilbert ọjọ́ kelòó ni òní nínú ìṣirò rẹ̀.

“Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta, Màmá.”

“Mo ṣì ń mí,” ni ìyá wí. “Kí wọ́n máa tì mí wọlé.”

Ilẹ̀kùn náà sé. Mojí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Gilbert jókòó tì í. Kò sí ìró kankan láti inú yàrá náà. Agogo kan ń dún lára ògiri, kò sì pẹ́ tí Gilbert fi rí i pé ìka òun tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó di ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ itan, kí wọ́n má baà kà.