Àlejò Tó Ń Jẹ́ Àbdùlgàfárù

Orúkọ ọmọ Ìlọrin kì í ní ọ̀nà kíkọ kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ wo ẹni tó bá ń jẹ́ Àbdùlgàfárù. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sí káàdì ìdìbò, ti báńkì tún yàtọ̀, ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń pè é ní Gàfárù, ọ̀rọ̀ sì tán. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Wọn á ní orúkọ Ọlọ́run ni, bó bá ṣáà ti jọ ọ́, òun náà ni. Ó ti mọ́ wa lára. Àmọ́ ohun tí àṣà yìí fi ojú Bilkisu rí, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ kàn wá.

Opó ni Bilkisu, aṣọ ló ń tà ní Gàmbàrí. Àbdùlgàfárù nìkan ni ọmọ tó kù fún un láyé. Ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Rọ́ṣíà, ó ku díẹ̀ kó parí ni òtútù àyà gbé e lọ. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bilkisu kò béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wálé kí òun mọ ibi tó sùn sí.

Mùkáílà, àbúrò bàbá ọmọ náà, ló sáré gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí pósí dé Èkó, ó kó àwọn ìwé tó bá a wá lọ sọ́dọ̀ Qudrah ní GRA Ìlọrin. Qudrah ti gbé Rọ́ṣíà rí, ibẹ̀ ló ti kàwé, òun sì ni gbogbo ìlú mọ̀ fún títúmọ̀ ìwé tí wọ́n bá fi lẹ́tà Rọ́ṣíà tàbí lẹ́tà kéwú kọ. Àwọn tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú ní àwọn kò ní yọ̀ǹda pósí àfi bí orúkọ inú àwọn ìwé náà bá bá ti pasipọ́ọ̀tù mu.

Ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní ni ìwé-ẹ̀rí ikú. Ìkejì ni èyí tí àwọn tó fi òjé dí ẹnu pósí páànù náà pa kọ, pé òkú nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Qudrah wo ìkíní: Абдулгафар. Ìyẹn dára, bí lẹ́tà pasipọ́ọ̀tù ṣe tò náà ló tò. Ó wo ìkejì: Абдулгаффор. Orúkọ kan péré ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ ti bàbá. Lẹ́tà f di méjì, lẹ́tà o sì wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà a tó kẹ́yìn wà.

"Ẹ̀gbọ́n," Qudrah wí, "orúkọ méjèèjì yìí ò dọ́gba."

Mùkáílà gba bírò lórí tábìlì, ó yí àpò ìwé dà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní kéwú: عبد الغفار. Alfa ni, ọwọ́ rẹ̀ dára. "Ka èyí," ó wí. "Ní kéwú, ṣé méjì ni àbí ọ̀kan?"

"Ọ̀kan ni."

"Ó parí nìyẹn. Àwọn aláwọ̀ funfun ni kò mọ orúkọ wa kọ. Àlàájà, òkú Mùsùlùmí wà nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ní Èkó, ìyá rẹ̀ ò jẹun. Jọ̀ọ́, ṣe é kó bára mu."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ni kò ní ṣàánú? Qudrah sì mọ òfin iṣẹ́ rẹ̀ o, kì í ṣe òpè. Ìyà ti jẹ òun fúnra rẹ̀ rí lórí rẹ̀. Rọ́ṣíà kò ní ju lẹ́tà kan lọ fún q àti k, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé-ẹ̀rí wọn ní Кудра, ó sì padà jáde ní Kudra. Yunifásítì tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní àwọn kò mọ Kudra, ó di ilé-ẹjọ́ kó tó lè búra pé òun ni. Láti ìgbà náà ló ti lẹ àtẹ lẹ́tà mọ́ ara ògiri, èyí tí gbogbo ayé fẹnu kò sí, tó sọ ohun tí lẹ́tà Rọ́ṣíà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dà. Orúkọ tí pasipọ́ọ̀tù bá gbé ni olórí. Èyí tó bá yàtọ̀ nínú ìwé mìíràn, kí atúmọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí i, lẹ́tà sí lẹ́tà, kó sì fi ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ pé wọn ò bára mu. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti là wọ́n níjà.

Ó mọ gbogbo èyí, àánú sì ṣe é. Ó kọ ABDULGAFAR sí ìkíní, ó kọ ABDULGAFAR sí ìkejì, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀dà kan lọ sí Èkó, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn tó dí pósí ní Rọ́ṣíà.

Wọ́n gbé pósí dé Gàmbàrí lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tó ṣí i, páànù tí wọ́n ti dí pa, ta ni yóò ṣí i? Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ nínú agboolé. Ẹkún Bilkisu lọ́jọ́ náà, Qudrah tó wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin kò lè dúró gbọ́ ọ tán.

Lẹ́yìn àdúà fídáù ni Bilkisu wá sí GRA fúnra rẹ̀. Ó ti gbẹ. Qudrah gbé àga fún un, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ọmọ mi, wọ́n ní o mọ ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má fi mí ṣe wèrè."

"Ẹ wí, mà."

"Ẹnì kan ń wá sílé mi. Bí mo bá ti kírun Lásárì ìrọ̀lẹ́ tán ló máa ń dé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó wọ ẹ̀wù nípọn, irú èyí tí ọmọ mi wọ̀ nínú fọ́tò. Kì í wọlé. Ó jọ ẹni tí kò mọ ilé tó wà. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀, ọmọ mi ni mo pè é. Lánàá ni mo wá pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, 'Àbdùlgàfárù.' Ó dáhùn. Ó yí padà bí èèyàn ṣe máa ń yí padà bí wọ́n bá pè é. Orúkọ rẹ̀ ni, Qudrah, mo rí i lójú rẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ mi."

Qudrah kò lè sọ fún ìyá yìí pé àlá ni. Ó ti rí lẹ́tà o yẹn lójú ara rẹ̀, òun ló sì pa á rẹ́.

Nígbà tí Bilkisu lọ tán, ó yọ ẹ̀dà ìwé náà. Abdulgaffor. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń pe ìró a gígùn ti kéwú ní o. Àwọn ọmọ Tàjíkísítánì ni, Mùsùlùmí bíi tiwa, lẹ́tà Rọ́ṣíà ni wọ́n sì fi ń kọ èdè tiwọn. Ó ti bá wọn gbé rí. Kì í ṣe àṣìṣe aláwọ̀ funfun kankan, orúkọ ẹlòmíràn ni, tí wọ́n kọ pé pérépéré.

Ó tẹ àwọn tó dí pósí láago. Ọkùnrin tó gbé fóònù lọ wo nọ́ńbà pósí náà nínú ìwé wọn, ó pẹ́ kó tó padà. Ó ní lóòótọ́, méjì ni àwọn dí pa lọ́jọ́ náà, ọmọ Nàìjíríà kan àti ọmọ Tàjíkísítánì kan tó jábọ́ níbi tó ti ń kọ́lé. Ó ní nọ́ńbà tó lọ Nàìjíríà, ti bíríkìlà ni.

"Ẹ ò ṣe sọ?" Qudrah bi í.

"A ò mọ̀. Àwọn ará Tàjíkísítánì rí orúkọ tó dín lẹ́tà lára pósí tiwọn, wọ́n ní Rọ́ṣíà máa ń gé orúkọ àwọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sin ín. Ẹ̀yin náà, ìwé yín padà dé tòun ti òǹtẹ̀, orúkọ bára mu. Bí ẹ bá ti kọ pé ó yàtọ̀, a ò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sin ẹnikẹ́ni."

Qudrah gbé fóònù kalẹ̀. Ojú tì í, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Àwọn kan á ní kó dákẹ́, pé òkú ti wọlẹ̀. Kò dákẹ́. Ó lọ sí Gàmbàrí láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ bí ọkùnrin níwájú Bilkisu àti Mùkáílà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ohun tó rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ.

Mùkáílà ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó ní òun ni òun ní kó ṣe é, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá, àwọn máa hú u jáde lónìí.

"Ẹ gbé e jáde lọ síbo?" Bilkisu wí. Kò sunkún. "Ọmọ ọlọ́mọ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi látọjọ́ yìí, ṣé títì ni ẹ tún fẹ́ lé e sí?" Ó kọjú sí Qudrah. "Ìyá rẹ̀ ń bẹ láyé?"

Ó ń bẹ. Ọkùnrin tó gbé fóònù lánàá ti fi nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n òkú náà obìnrin ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n náà sì gbọ́ èdè Rọ́ṣíà. Qudrah pè é lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó yé e, nígbà tó yé e, igbe ẹkún ni wọ́n gbọ́ lórí fóònù, ti obìnrin méjì, ẹ̀gbọ́n àti ìyá. Bilkisu ní kí Qudrah má gé e. Ó dúró títí wọ́n fi sinmi.

"Bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é nílé," ó wí fún Qudrah.

Ìyá tó wà lọ́hùn-ún pè é. Gh tó wà láàárín rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló ti jáde, bí wọ́n ṣe kọ́ Bilkisu nílé kéwú nígbà èwe rẹ̀. Bilkisu pè é tẹ̀lé e. Ó dìde, ó jáde lọ síbi sàréè, ó sì pè é sórí ilẹ̀ níbẹ̀: Abdulghaffor. Kò sọ ohun tó rí tàbí tí kò rí fún ẹnikẹ́ni.

Ó padà wọlé, ó gba fóònù lọ́wọ́ Qudrah.

"Bá mi sọ fún ìyá rẹ̀," ó wí, "bó bá dé orí sàréè tó wà lọ́dọ̀ wọn, kó má pe orúkọ ọmọ tirẹ̀ mọ́. Ọmọ mi á máa dáhùn, kò sì ní mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Kó pè é ní Gàfárù. Ohun tí mo máa ń pè é nìyẹn."

Qudrah tú u sí èdè Rọ́ṣíà, ẹ̀gbọ́n yẹn tú u sí èdè wọn. Ohùn ìyá àgbà náà gba orí fóònù wá, ó sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wọn.

"Rárá," Bilkisu wí. "Gà. Fá. Rù."

Ìyá yẹn tún un pè.

"Ó kù díẹ̀," Bilkisu wí, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ fún un.