Èwo Ló Ṣáájú?

Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ní ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn ni kí a kọ́kọ́ parí. Ó lu tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ní ta ló rán wa ní ìforúkọsílẹ̀, ṣé a ò mọ̀ pé kíka oògùn inú ilé oògùn ló ń dun àwọn dókítà ni. Ọjọ́ Ẹtì, ó ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ó tún ku ohun kan o. Bí aláìsàn ṣe máa gba ọjọ́ tó máa rí dókítà. Ìyẹn ló ṣáájú.” Mo bi ara mi pé ṣé etí mi ló ti ń dàrú ni.

Èmi ni mo ń darí àwa mélòó kan tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tuntun fún ilé ìwòsàn. Òun ni igbákejì olórí ilé ìwòsàn, òun ló bẹ̀ wá ní iṣẹ́ náà, àpò ẹ̀ka rẹ̀ ni owó ti ń jáde, òun náà ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, Ó-Tún-Ku-Kan là ń pè é. Èmi kì í sì í ṣe onísùúrù. Ìyá mi máa ń sọ pé omi gbígbóná ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi ni mo bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kan. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, màá kọ ímeèlì sí i: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín nìyí. Bí a bá gbé e síwájú, ohun báyìí báyìí ló máa sún sẹ́yìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́?” Bó bá ti dáhùn, màá kọ ọ́ sójú ìwé kan tí gbogbo wa ń rí lórí kọ̀ǹpútà: ìpinnu náà, ẹni tó ṣe é, ìdí rẹ̀, àti ohun tó ná wa. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí àròyé. Mo sì kìlọ̀ fún àwọn èèyàn mi pé kí ẹnikẹ́ni má gba iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀gá bá dá yín dúró, ẹ ní kó wá bá mi.

Gbogbo wọn gbọ́, àfi Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ló mọ ètò kíkọ jù nínú wa. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ìyẹn la ṣe sọ ọ́ lórúkọ náà. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ parí, ìyàwó rẹ̀ ò tíì ríṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì ti kọ̀wé pé àwọn máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀la, nítorí ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ti pẹ́ jù. Mo ṣí ojú ìwé wa kí n rí ohun tí màá fi gbèjà rẹ̀. Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn. Lóòótọ́, mo rí àwọn ìgbà tí ọ̀gá yí ọkàn padà. Àmọ́ kò sí nǹkan kan tó sọ ìdí tí Jẹ́jẹ́ fi pa ìforúkọsílẹ̀ tì fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ṣiṣẹ́ lórí oògùn. Lójú ìwé, ńṣe ló dà bí ẹni tó kàn ya ọ̀lẹ.

Mo pè é. “Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀?”

“Ọ̀gá ni. Wọ́n pàdé mi lórí àtẹ̀gùn.”

“Kí lo wá sọ?”

“Mo ní ó ti yé mi, sà.”

“O ò ní kí wọ́n wá bá mi? O ò kọ ọ́ sílẹ̀?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ ìsọkúsọ sí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ju bàbá mi lọ. Ṣé kí n ní kí wọ́n dúró, kí n máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ bí ọlọ́pàá?”

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Obìnrin kan nínú wa, tó ń dán ètò náà wò, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ìpinnu náà síbẹ̀ báyìí, kí n fi ọjọ́ tó ti kọjá sí i, ta ló máa mọ̀? Ọwọ́ mi ti dé orí kọ̀ǹpútà. Mo gbé e kúrò. Bí wọ́n bá ká irọ́ kan mọ́ mi lójú ìwé yẹn, ta ló tún máa gba ìyókù gbọ́? Ọjọ́ òní gan-an ni mo fi sí i: “Jẹ́jẹ́ ló sọ fún mi pé ọ̀gá sọ báyìí lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá ò tíì jẹ́rìí sí i.” Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kò dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.

“Èmi? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Mo kàn ní kó bá mi wo ọ̀rọ̀ oògùn náà ni.” Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. A ti fi tiyín ṣe àkọ́kọ́.” Kò tíì gbé e kalẹ̀ tán tí òmíràn tún dún. “Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀, tiyín ló ṣáájú.” Ó wá yíjú sí mi. “Kí lò ń sọ lẹ́ẹ̀kan?”

Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Ṣé irọ́ ló ń pa ni, àbí ó ti gbàgbé lóòótọ́? Ìbínú tí mo gbé wọlé ò rí ibi jókòó sí, mo kàn ní kó bá wa dé ìpàdé ìgbìmọ̀ náà.

Yàrá ìpàdé tutù bíi yìnyín. Jẹ́jẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Màmá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ gba ìwé náà, tí mo ti tẹ̀ jáde, lọ́wọ́ mi, wọ́n ń kà á sókè, ìpinnu kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí wọ́n bá ti ka ọ̀kan, wọ́n á wo ojú ọ̀gá: “Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ èyí?” Ọ̀gá á ní òun ni. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Wọ́n dé èyí tó kẹ́yìn.

“Èyí tẹ́ ò tíì jẹ́rìí sí ńkọ́? Ti orí àtẹ̀gùn?”

Ọ̀gá na ọrùn wo ìwé náà. Mo ń gbọ́ bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń mí.

“Mi ò rántí,” ni ọ̀gá wí. “Àmọ́ ó jọ ohun tí mo lè sọ.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. “Ẹ má fi ìyà jẹ ọmọ yìí,” ló wí. “Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń ṣe é.”

Màmá alága ní kí wọ́n sọ ìwé àdéhùn Jẹ́jẹ́ dọ̀tun. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ bojú. Mo rò pé a ti parí ni, àfi bí màmá ṣe tún bi ọ̀gá pé, “Ó dáa. Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló ṣáájú báyìí?”

Ojú gbogbo yàrá lọ sára rẹ̀. Òun náà ń wò mí, àfi bíi pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

“Ìforúkọsílẹ̀,” ló wí nígbẹ̀yìn.

Mo kọ ọ́. Mo kọ ohun méjì tó máa dúró dè é sábẹ́ rẹ̀, mo sì ti ìwé náà síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Ó mú bírò, kò kọ nǹkan kan. Ó sún mọ́ mi, ó rọra sọ ọ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

“Tí mo bá ṣì í yàn ńkọ́?”

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, èébú tí mo fẹ́ bú u pọ̀ nínú mi. Mo wá a, mi ò rí ọ̀kan. Mo kàn na ìka sí ibi tó máa fọwọ́ sí, a sì jọ ń wo ibẹ̀.