Àtàǹpàkò Ìyálé

Ẹja tí Asimawu rà ní Efire kò tíì balẹ̀ sínú agbọ̀n tí fóònù rẹ̀ fi yọ̀ bọ́ láyà, ó di inú ọ̀sà. Asimawu figbe ta. Apẹja tó ta ẹja fún un wo omi, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ má banú jẹ́, ìyá. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹja á gbé e."

Fóònù kò dùn ún tó nọ́ńbà. Nọ́ńbà ọ̀hún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè fi ń pè é bí wọ́n bá fẹ́ ẹja yíyan. Ó wà lára ògiri ilé méjìlá tí wọ́n ń gbé. Bí nọ́ńbà yẹn bá lọ, ọjà ti lọ nìyẹn.

Kò sùn lé e. Ó gba ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ síìmù lọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Tamílọ́rẹ, ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tẹ nọ́ńbà náà, ó gbójú sókè.

"Mà, orúkọ yín kọ́ ló wà níbí. Nimotalahi ni mo rí."

Nimotalahi ni ìyálé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba síìmù náà, Asimawu kò ní NIN, ìyálé ló fi NIN àti àtàǹpàkò tirẹ̀ gbà á. Hàmídù ọkọ wọn wà láyé nígbà náà, ẹnu wọn sì kò. Hàmídù kú tán, wọ́n wọ̀yá ìjà lórí fíríìsà tó fi sílẹ̀. Asimawu gbé fíríìsà, ó kó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Oṣù mẹ́jọ rèé, wọn kò kí ara wọn.

"Ṣé kí n lọ gba NIN rẹ̀ wá?"

"Ìka rẹ̀ la fẹ́, mà, àti ojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá."

"Bó bá ti kú ńkọ́?"

"Ó ti kú ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń bèèrè ni."

Ọ̀kadà gbé e dé ilé ọkọ wọn ní Òjòwò. Nimotalahi ń ṣa ẹ̀wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta nìyí? Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́ látọjọ́ tí fíríìsà ti jáde nílé yìí."

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

"Kúnlẹ̀ dáadáa. Orúnkún kan ò tíì kan ilẹ̀."

Asimawu fi èkejì kan ilẹ̀, ó rojọ́ tán. Nígbà tí Nimotalahi gbọ́ pé wọ́n á ya òun ní fọ́tò, ó gbà láti lọ. Lọ́jọ́ kejì, léèsì ọdún Iléyá ló wọ̀ wá.

Ẹ̀rọ kọ àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó nù ún mọ́ ìró, ẹ̀rọ gbà á. Wọ́n ya ojú rẹ̀, ojú náà bá ti inú kọ̀ǹpútà mu.

"Ó ku nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ máa ń pè jù láìpẹ́ yìí," ni Tamílọ́rẹ wí.

Nimotalahi yíjú sí Asimawu. "Ìyàwó, ta ni mo máa ń pè?"

Tamílọ́rẹ fajú ro. "Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ ràn wọ́n létí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, ẹ jọ wá, kí ẹ gbé e sórúkọ yín."

Asimawu ka nọ́ńbà Muslimah, ọmọ rẹ̀. Ó wọlé. Ó ka ti Adédoyin tó ń bá a kó ẹja. Ó wọlé. Ó ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èyí ò sí níbẹ̀."

"Fíláàṣì ni mo máa ń ṣe fún un."

"Fíláàṣì ò wọ̀ ọ́, mà. Èyí tí ẹ pè, tí wọ́n gbé, la fẹ́. Bí kò bá pé mẹ́ta, mi ò lè ṣe é."

Asimawu mọ èyí tó kù. Ó wo ìyálé, ó yíjú kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó dé àárín, ìpayà gba ìyókù lórí rẹ̀.

Nimotalahi wo òkè àjà. "Méje, méje, mẹ́rin, ọ̀kan."

Tamílọ́rẹ tẹ̀ ẹ́. "Ó wọlé!"

Bùsúyì tó ń tún fíríìsà ṣe ló ni nọ́ńbà náà.

"Ìyálé mi," Asimawu là á mọ́lẹ̀, "kí ni Bùsúyì ń tún ṣe lọ́dọ̀ yín? Ẹ ò ní fíríìsà."

"Ó máa ń wá wò ó bóyá o ti dá a padà."

Tamílọ́rẹ fún wọn ní síìmù tuntun. Ó ní ti àtijọ́ ti kú sínú omi nìyẹn, tuntun sì lè jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí kó tó ọjọ́ kan gbáko. Báńkì orí fóònù lè má ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí kóòdù WhatsApp bá wọlé, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Orúkọ tí ẹ tọ́jú sórí fóònù kò ní padà. Nọ́ńbà lásán lẹ ó máa rí."

Wọ́n ki síìmù bọ fóònù kékeré kan tí Asimawu yá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó jí, kò pẹ́ tó fi dún. Kò gbé orúkọ kankan wá, nọ́ńbà lásán ni. Àwọn méjèèjì kà á dé ìparí.

Asimawu nawọ́ sí i. Nimotalahi gbá ọwọ́ náà.

"Orúkọ ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà?" Ó gbé e, ó tẹ sípíkà. "Bùsúyì, káàárọ̀ o. Àwọn ìyàwó Hàmídù ń gbọ́. Ta lò ń wá nínú wa?"

Kíá ni Bùsúyì gé ìpè náà.

"Ó ti bọ́ sómi," Asimawu wí. Àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.