Ẹ̀kúnwọ́ Àlìkámà Méjì

Omi garawa mẹ́ta ni aránṣọ náà ti dà sí ilé ìyàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ ohun tó yà kò rì. Ó ń léfòó, ó ràwọ̀ bí amọ̀ tó gbẹ, ọ̀rá tàn lójú omi bí epo tó kán sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òórùn rẹ̀ sì kọjá àfẹnusọ. Ó da ẹ̀kẹrin. Ó dúró wò ó. Ó tún gbé garawa.

"Aránṣọ, ṣé ilé ìyàgbẹ́ lò ń fọ̀ ni, àbí o fẹ́ rì í mọ́lẹ̀?"

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ẹ̀rín ni aránṣọ ìbá fi dá a lóhùn. Ní báyìí, ó mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwàdà náà.

"Ó dáa o. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀, gbangba náà ló máa ti yà á."

"Bàbá wa, mo ti búra fún yín."

"Mo gbọ́. Ara rẹ ló ń jẹ́rìí takò ọ́."

Aránṣọ gbé garawa kalẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí tó fi ń wọ aṣọ fún àwọn oníbàárà. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí ti aboyún oṣù márùn-ún, ó le gbandi, ó ń hó kùùkùù. Apá rẹ̀ sì rèé, bí igi ìgbálẹ̀. Èèyàn tó ń wọn àyà àti ìbàdí àwọn ẹlòmíì jẹun, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dín aṣọ ara rẹ̀ kù láàárín ọdún kan.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni dókítà ti rí ìdí rẹ̀. Obìnrin ni dókítà yìí, kò ju àkọ́bí aránṣọ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ bí à ń ṣàlàyé. Wọ́n ti yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn ò rí kòkòrò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, wọ́n sì já díẹ̀ lára ìfun rẹ̀ lọ fi ẹ̀rọ awò wò.

"Mà, ẹ mọ aṣọ àrán dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán an," ni dókítà wí. "Inú ìfun kékeré rí bí àrán. Irun wẹẹrẹ wà lára rẹ̀, àwọn ló ń fa oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tiyín ti pá. Àlìkámà ló mú kó pá. Bó bá ti wọ inú yín, ara yín á dìde ogun, ìfun yín gan-an ló sì máa bá jà."

"Èmi tí àlìkámà tọ́ dàgbà?"

"Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà, mà. Ọ̀rá tí ẹ ń jẹ kò ríbi wọlé mọ́, ó ń bá ìgbẹ́ jáde. Òun ló ń jẹ́ kó máa léfòó. Àwọn fítámì kan wà tí wọn ò lè dá wọlé, inú ọ̀rá ni wọ́n ń bá wọlé. Àwọn náà ń bá a lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí egungun fi ń ro yín, tí nǹkan bá sì kàn yín fẹ́ẹ́rẹ́, ara yín á ṣẹ̀jẹ̀ sínú bí ẹni tí wọ́n lù."

Oògùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà mọ́ títí ayé, bó ti wù kó kéré mọ. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún un.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ tù ú nínú lọ́jọ́ náà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ̀rọ ìlọ-ọkà bàbá wọn ló sì jogún. Alọ̀kúnná ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló sì máa ń kì í bí inú rẹ̀ bá dùn: Alọ̀kúnná, ọmọ tí mo pọ̀n tí kò tọ̀ sí mi lẹ́yìn, òkúta ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún," ni Alọ̀kúnná wí. "Ìrẹsì ni kí ẹ máa gbé wá. Òkúta ẹ̀rọ tuntun ni n ó rà, tiyín nìkan ni n ó máa fi lọ̀. Ẹ máa rò ó ní àárọ̀, ẹ máa rò ó ní alẹ́. Ta ló kú tó bá ń jẹ ìrẹsì?"

Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ìyẹ̀fun ìrẹsì láàárọ̀ lálẹ́. Kò kan búrẹ́dì, kò kan bisikíìtì. Ara kò sì yá. Nígbà tó di oṣù kẹta, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí wò ó wẹ́wẹ́wẹ́. Ó ní ẹnì kan rí i níbi tó ti ń ra búrẹ́dì. Aránṣọ bi í pé ta ni. Ó ní òun kì í ṣe olófòófó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ garawa mẹ́rin yìí, ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ tuntun.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ yín ṣì ń pariwo pé àlìkámà ń wọlé."

"Dókítà, bí mo bá fi ẹnu kàn án, kí Ọlọ́run má gbọ́ àdúrà mi mọ́."

"Mi ò pè yín ní onírọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ oúnjẹ, a ní láti wá nǹkan míì tó burú ju èyí lọ. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn tó ń tú omi tí ń jẹ́ kí ọ̀rá dà nínú, ó lè ti kọṣẹ́. Ọ̀nà tí òróòro ń gbà lè dí. Nǹkan sì lè máa hù lára ìfun yẹn. A máa ya àwòrán inú yín lọ́sẹ̀ mẹ́fà sí i."

Dókítà tún bi í pé ṣé ó ti sí ìgbà kan tí ara rẹ̀ yá díẹ̀.

Ó ronú. "Ìgbà tí mo lọ tọ́jú ọmọ mi tó bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbẹ́ rì, ikùn rọ̀. Mo ní ayọ̀ ọmọ tuntun ni."

"Kí lẹ ń jẹ nílé tí ẹ ò jẹ níbẹ̀?"

"Ìrẹsì náà ni. Odindi la sè níbẹ̀. Ti ilé ni àbúrò mi ń bá mi lọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀…"

"Mà," ni dókítà wí jẹ́jẹ́, "ẹ lọ fi ojú ara yín wò ó bó ṣe ń lọ̀ ọ́."

Aránṣọ kò yà sílé, ọ̀dọ̀ Alọ̀kúnná ló gbà lọ. Ẹ̀rọ ń ké nígbà tó dé, eruku ìyẹ̀fun funfun bo ara ògiri, àwọn oníbàárà méjì jókòó sórí àpò wọn. Ariwo kò jẹ́ kí Alọ̀kúnná gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ẹ̀wà ẹnì kan tán. Ike aránṣọ, tó gbé sílẹ̀ níbẹ̀ lánàá, ni ó kàn. Alọ̀kúnná na ọwọ́ sí àpò àlìkámà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó bu èkejì, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ kí ó fi gbá ẹ̀wà tó kù lára òkúta kúrò. Ìyẹn jáde tán, ó da ìrẹsì lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òkúta kan náà ni.

Aránṣọ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Ó yíjú, ó pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò ní ẹ ń bọ̀."

"Kí lo dà sí i?"

"Ìrẹsì yín ni."

"Ṣáájú ìrẹsì."

Ó rẹ́rìn-ín ẹnu lásán. "Ẹnu ẹ̀rọ ni mo fọ̀. Bí Bàbá ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Ìbá ṣe pé ó parí síbẹ̀, aránṣọ ìbá dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan láti ọgbọ̀n ọdún lè ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ṣùgbọ́n ó béèrè òkúta tuntun.

"Ta ló fẹ́ máa tú òkúta wọlé jáde nítorí ìrẹsì ike kan?"

"O sọ fún mi pé o ti rà á."

"Mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ ni."

"Ìyàwó rẹ ò ka ìwé dókítà fún ọ? Èmi ni mo fi rán an."

Alọ̀kúnná wo àwọn oníbàárà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó kà á. Ó ní èyí tó lẹ̀ mọ́ òkúta pàápàá ń pa yín lára. Ẹ̀gbọ́n mi, àlìkámà ni gbogbo èèyàn ń gbé wá síbí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé òun ló ń pa ẹ̀gbọ́n Alọ̀kúnná, ta ló máa tún gbé àpò wọlé? Mo ní ẹ jẹ́ n wò ó fún oṣù díẹ̀. Bí ẹ ò bá kú, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ pé dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan."

"O ń dán mi wò."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀…"

"O ń wò ó bóyá mo máa kú." Ó sún mọ́ ọn. "Ta ló sọ fún Tíṣà pé òun rí mi níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì?"

Alọ̀kúnná tẹjú mọ́lẹ̀. Ó mú ọwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ibi tó mọ́.

"Ìwọ náà ni?"

"Ó ń bi mí léèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí ló dé tí ara yín ò yá. Kí ni kí n sọ?"

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà dìde, ó gbé àpò rẹ̀ lé èjìká, ó ní òun máa padà wá. Aránṣọ fi ike àti ìyẹ̀fun sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó ròyìn tán fún Tíṣà, ọkùnrin náà bọ́ awò ojú, ó ń nù ún títí.

"Ó ní òun fi ojú ara òun rí ọ."

"Ẹ sì gbà á."

"Ọmọ ìyá rẹ ni."

"Èmi ńkọ́? Ta ni mo jẹ́ sí yín?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà ló fọ ìkòkò, òun ló ṣa ìrẹsì, ó sì sè é ní odindi. Ó pọn omi lọ sí ilé ìyàgbẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, garawa kan péré ló tó. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwòrán lè dúró ná, kí ó máa lo fítámì, irun àrán inú ìfun á tún hù díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ dúpẹ́. Ó sunkún lójú ọ̀nà, kì í sì í ṣe ayọ̀ nìkan.

Alọ̀kúnná wá láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní òun ti ra òkúta náà ní tòótọ́, kí ẹ̀gbọ́n òun wá wò ó. Tíṣà ní kí ó dìde, kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà.

Aránṣọ ló gbé àdúrà. Ó pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó pe dókítà. Ó pe Tíṣà, ohùn rẹ̀ fà díẹ̀ níbẹ̀. Alọ̀kúnná dijú, ó ń dúró de tirẹ̀. Ó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe mí, tó tún mí.

"Olúwa," ni aránṣọ wí, "ṣọ́ gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹlòmíì lọ̀, tí wọ́n fọkàn tán an, tí wọn ò sì bojú wẹ̀yìn."

Tíṣà ní àmín. Alọ̀kúnná ṣì dijú, ó ń dúró de orúkọ tirẹ̀. Aránṣọ dìde lórí eékún, ó lọ sídìí ìkòkò ìrẹsì, kò sì bi í bóyá yóò jẹ.